Ìgbà Tó Yẹ Kí N Dáhùn, Ìgbà Tó Yẹ Kí N Fò Ó: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Ìdánwò Tó Ń Yọ Máàkì

Ìdánwò JAMB ló kọ́ mi ní àṣà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. JAMB kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Bí o kò bá mọ ọ̀kan, wàá mú A tàbí C, wàá kọjá lọ. Bó bá bọ́ sí i, o jèrè. Bí kò bá bọ́ sí i, kò sóhun tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama máa ń sọ pé ẹni tó bá fi àyè kan sílẹ̀ lófo nínú JAMB, ara rẹ̀ ló fìyà jẹ. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ mo gbé òótọ́ yẹn wọ yunifásítì láìbéèrè bóyá ó ṣì jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí a ṣe nínú fisiọ́lọ́jì ní ìbéèrè 20. Abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn márùn-ún, láti A dé E, a ó sì kọ òótọ́ tàbí irọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀ka 100 nìyẹn. Ẹ̀ka tí o bá gbà, máàkì kan. Èyí tí o bá ṣì, wọ́n á yọ máàkì kan nínú èyí tí o ti kó jọ. Èyí tí o bá fi sílẹ̀, òdo. Ẹni tó bá ní 50 ló yege.

Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mi ò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìwé wa padà, mo jókòó tì í, mo ya àwọn tí mo mọ̀ dájú nígbà tí mò ń kọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí mo kàn méfò. Nínú 60 tí mo mọ̀, mo gba 55. Nínú 40 tí mo méfò, mo gba 19. Àpapọ̀ èyí tí mo gbà jẹ́ 74, èyí tí mo ṣì jẹ́ 26. Wọ́n yọ 26 kúrò nínú 74, ó ku 48. Ẹni tó gba ẹ̀ka 74 nínú 100 ló fìdí rẹmi yìí. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní kíláàsì iwájú wa gbà mí nímọ̀ràn pé, “Ohun tí kò bá dá ẹ lójú, má fọwọ́ kàn án.” Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò kékeré kejì, mo tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé òfin. Ẹ̀ka 52 péré ni mo dáhùn. Mo gba 48, mo ṣi 4. Máàkì mi jẹ́ 44. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa ju ti ìgbà yẹn lọ. Mo fi ẹ̀ka 48 sílẹ̀ lófo, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ohun tí mi ò mọ̀ rárá. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ilé ni mo ti rí ojútùú rẹ̀, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Aṣọ ni ìyá mi ń tà. Mo lọ kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, mo bá wọn nídìí ìwé àwìn wọn, wọ́n ń yẹ orúkọ wò. Aṣọ tí wọ́n rà ní 2,000 náírà, 2,500 ni wọ́n ń tà á. Oníbàárà kan fẹ́ gbé e láwìn, wọ́n sì ń rò ó bóyá kí àwọn fún un. Mo bi wọ́n pé, “Màámi, báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tí ẹ máa fún?” Wọ́n ní, “Tí ó bá san án, 500 ni mo jẹ. Tí ó bá sá lọ, 2,000 ni mo pàdánù. Ìyẹn ni pé ẹni mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ san kí ẹnì kan tó sá, kí n tó lè sọ pé owó mi dúró síbi tó wà. Irú oníbàárà tí márùn-ún nínú wọn bá wá, tí mẹ́rin péré ń san, mi ò jèrè lára wọn, mi ò sì pàdánù. Tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń fún wọn. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ kówó wá.”

Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìṣirò tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Wọn ò sọ pé àwọn ò ní ta àwìn fún ẹni tí kò bá dá àwọn lójú, wọn ò sì sọ pé àwọn máa ta fún gbogbo ayé. Wọ́n fi ohun tí wọ́n máa jẹ wé ohun tí wọ́n máa pàdánù, ìyẹn sì sọ fún wọn bí ìdánilójú náà ṣe gbọ́dọ̀ tó.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò, ká pe èrè ìdáhùn tó tọ̀nà ní j, ká pe ohun tí wọ́n máa yọ fún èyí tí kò tọ̀nà ní e, ká sì pe ìdá ìgbà tí a máa ń gba irú rẹ̀ nínú gbogbo ìgbà tí a bá dáhùn ní p. Ó yẹ ká dáhùn nígbà tí:

```
p > e / (j + e)
```

Fún aṣọ ìyá mi, e jẹ́ 2,000, j jẹ́ 500. 2,000 pín sí 2,500 jẹ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Fún ìdánwò fisiọ́lọ́jì wa, e jẹ́ 1, j jẹ́ 1, nítorí náà ibi tí ààlà wà ni ìdajì. Ẹ̀ka tí mo bá lè gbà ju ìdajì ìgbà lọ, ó yẹ kí n dáhùn rẹ̀. Kò pọn dandan kó dá mi lójú. Bí mo bá máa gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá irú rẹ̀, mẹ́fà wọlé, mẹ́rin jáde, máàkì méjì kù sí mi lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n yẹn gbé ààlà náà sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àṣà JAMB tèmi gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí òdo. Ìdí nìyí tí àwa méjèèjì fi ṣìnà.

Àmọ́ ibi tó le ṣì wà níwájú. Ìyá mi ní ìwé àwìn ọdún púpọ̀. Wọ́n mọ irú ẹni tó ń san. Èmi ńkọ́? Nígbà tí mo bá sọ pé “ó jọ bẹ́ẹ̀” nínú ọkàn mi, ìgbà mélòó nínú mẹ́wàá ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀. Mo rò pé mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò kà á rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kó àwọn ìbéèrè àtijọ́ tó ní ìdáhùn jọ, mo bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, mo sì ń dáhùn gbogbo ẹ̀ka, pàápàá àwọn tí mi ò bá ní fọwọ́ kàn nínú ìdánwò gidi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi àmì kan sí i kí n tó ṣí ìdáhùn wò: D fún “ó dá mi lójú”, J fún “ó jọ bẹ́ẹ̀”, M fún “mi ò mọ̀”. Kíkọ àmì náà ṣáájú ṣe pàtàkì gan-an. Bí o bá ti rí ìdáhùn tán, ọkàn rẹ á máa sọ fún ọ pé o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, iye tí o bá kọ sílẹ̀ kò sì ní wúlò mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo ṣe ẹ̀ka 400. Mo fi D sí 210, mo gba 193, ìyẹn bíi 92 nínú 100. Mo fi J sí 120, mo gba 80, ìyẹn méjì nínú mẹ́ta. Mo fi M sí 70, mo gba 31, ìyẹn kò tó ìdajì.

Ẹ wo ti J yẹn dáadáa. Méjì nínú mẹ́ta! Àwọn ẹ̀ka tí mo fi sílẹ̀ lófo nínú ìdánwò kejì nìyẹn, nítorí pé wọn kò “dá mi lójú”. Nínú 30 irú wọn, màá gba 20, màá ṣi 10, máàkì 10 á sì wọlé. Mo ti fi ọwọ́ ara mi da máàkì 10 nù.

Ti M náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ti rò pé ẹni tó bá méfò láàárín òótọ́ àti irọ́ gbọ́dọ̀ gba ìdajì. Ìyẹn á rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé kọ́bọ̀ ni mo dà sókè. Àmọ́ èmi kò da kọ́bọ̀. Ohun tó bá dún bí ohun tí mo ti gbọ́ rí ni mò ń pè ní òótọ́, àwọn olùkọ́ tó ń ṣe ìbéèrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ méjì tí a mọ̀ dáadáa, wọ́n á so wọ́n pọ̀ níbi tí kò yẹ.

Mo pín J sí ọ̀nà mẹ́ta, ní ìbámu pẹ̀lú iṣẹ́ tí ìbéèrè náà ti wá. Anátọ́mì: 17 nínú 20. Fisiọ́lọ́jì: 50 nínú 70. Bayokẹ́mísírì: 13 nínú 30. Ẹnu yà mí. Nínú bayokẹ́mísírì, “ó jọ bẹ́ẹ̀” mi kò sàn ju kí n da kọ́bọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n 30 kéré. Ènìyàn lè gba 13 nínú 30 nítorí oríire burúkú lásán. Torí náà mo tún ṣe 50 mìíràn tó jẹ́ J, mo gba 24. Ó ṣe kedere wàyí: ibi ààlà gan-an ni mo wà nínú iṣẹ́ yẹn. Bí mo dáhùn J nínú bayokẹ́mísírì, bí mi ò dáhùn, ọ̀kan náà ni, títí dìgbà tí mo bá kàwé sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú ìwé yìí, kó má fi ẹ̀ka mẹ́wàá tàbí ogún dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan hàn yín bí mo ṣe ń lò ó. Ìbéèrè anátọ́mì ni, lórí nẹ́ẹ̀fù fírẹ́níìkì, èyí tó ń mú dáyáfíráàmù ṣiṣẹ́, ìyẹn iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Gbólóhùn A: gbòǹgbò rẹ̀ ní ọrùn ni C3, C4 àti C5. Òótọ́, D ni. B: ó gba iwájú gbòǹgbò ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Mo mọ̀ pé nẹ́ẹ̀fù méjì ló gba ibẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, mo sì rò pé fágọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn. J ni, òótọ́ ni mo mú. Gbólóhùn D: ti ọwọ́ òsì gba inú ihò tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá fénà kéfà ń gbà la dáyáfíráàmù kọjá. Mo rántí pé ọ̀tún ni òpó yẹn wà, kò sì jọ pé nẹ́ẹ̀fù apá òsì máa sọdá lọ bá a. J, irọ́. Mo dáhùn àwọn méjèèjì, mo sì gbà wọ́n. Nínú ìdánwò kejì mi, òfo ni mi ò bá fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ rí i pé J mi nínú anátọ́mì kì í ṣe méfò. Ìrònú díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: apá wo ni nǹkan yìí wà, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrònú yẹn ló ń gbé 17 nínú 20 wá. Nínú bayokẹ́mísírì, orúkọ ẹ́ńsáìmù tó dún létí mi ni mò ń tẹ̀ lé, kò sì sí ìrònú kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò kékeré kẹta dé, fisiọ́lọ́jì tún ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìwé ìdánwò náà já, D nìkan ni mo dáhùn. Ìgbà kejì, mo padà sórí àwọn J. Mi ò fọwọ́ kan M. Mo ní D 56, mo gba 52, mo ṣi 4: máàkì 48. Mo ní J 30, mo gba 20, mo ṣi 10: máàkì 10. Mo fi 14 sílẹ̀. 58 ni mo ní. Ìmọ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìdánwò kejì lọ. Ẹ fi D 56 wé 52 tí mo dáhùn nígbà yẹn. Máàkì 14 ló wà láàárín wọn, J ló kó 10 nínú rẹ̀ wá.

Lópin ọdún, wọ́n yí ọ̀nà ìdánwò padà. Ìbéèrè 100, ìdáhùn márùn-ún lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré ló tọ̀nà. Bí o bá gbà á, máàkì kan. Bí o bá ṣì í, wọ́n á yọ ìdá mẹ́rin máàkì. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ló ṣì ń bẹ̀rù yíyọ yẹn bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ààlà ti sọ̀ kalẹ̀. Ìdá mẹ́rin pín sí máàkì kan àti ìdá mẹ́rin jẹ́ ẹyọ kan nínú márùn-ún. Ẹni tó bá méfò pátápátá láàárín ìdáhùn márùn-ún ń gba ẹyọ kan nínú márùn-ún, torí náà kò jèrè, kò sì pàdánù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú SAT ní Amẹ́ríkà nìyẹn, títí wọ́n fi jáwọ́ nínú yíyọ máàkì ní 2016. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí méfò má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe kí ó fìyà jẹ ẹni tó mọ díẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá lè pa ẹyọ kan péré rẹ́ nínú márùn-ún, tí o sì mọ̀ pé kò lè jẹ́ ìdáhùn, o ti kọjá ààlà. Mẹ́rin ló kù. Bí o bá ṣe irú rẹ̀ 16, wàá gba 4, wàá ṣi 12, wọ́n á yọ 3, ẹyọ kan á kù. Ó kéré, ṣùgbọ́n èrè ni. Bí ó bá ku méjì, èrè rẹ̀ á pọ̀ gan-an. Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: a lè pa ìdáhùn tó tọ̀nà gan-an rẹ́. Nínú ìwé mi, nígbà tí mo bá pa á rẹ́ títí ó fi ku méjì, mi ò gba ìdajì. 45 nínú 100 ni mò ń gbà, nítorí pé nígbà mìíràn èyí tó tọ̀nà ti wà lára àwọn tí mo dànù. Síbẹ̀ 45 ga ju 20 lọ fíìfíì.

Mo ṣírò ara mi kí n tó fi ìwé ìdánwò náà sílẹ̀. D 54, bí mo bá gba 50 nínú rẹ̀ tí mo ṣi 4, máàkì 49. Mo ní 26 tí ó ku ìdáhùn méjì fún; bí mo bá gba bíi 12 tí mo ṣi 14, máàkì 8 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kọjá 57. Ó ku 20 tí mi ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rántí pé èrè òdo kò túmọ̀ sí pé ohunkóhun kò lè ṣẹlẹ̀. Bí ènìyàn bá méfò 20, ó lè jèrè máàkì méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè pàdánù iye kan náà. Fún èmi tó ti kọjá 50 dáadáa, kò já mọ́ nǹkan kan. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lo àkókò náà láti tún D mi yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà létí ààlà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá dá a lójú pé òun wà ní 51, bó bá méfò 20 yẹn, nígbà bíi méjì nínú márùn-ún, á já sí ìsàlẹ̀ 50. Kó pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun wà ní 48, bó bá fi 20 yẹn sílẹ̀, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Bó bá méfò wọn, tó sì gba mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dé 50, ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà bí ẹyọ kan nínú márùn-ún. Kó méfò. Ìbéèrè kan náà, ìjìyà kan náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn méjì, nítorí pé ibi tí wọ́n dúró sí yàtọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ènìyàn kì í mọ ibi tí òun wà gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá ní ìwé bíi tèmi á pe 48 rẹ̀ ní 55.

Mo yege pẹ̀lú 59.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò kan ní kíláàsì ẹ̀yìn wa wá bá mi. Ó fi ẹ̀ka 61 sílẹ̀ lófo nínú ìdánwò kékeré rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń yọ máàkì kan fún èyí tó bá ṣì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ èyí tí mo máa fò.” Mo fún un ní ìbéèrè àtijọ́ àti pẹ́ńsù, mo ní kó lọ fi D, J àti M sí ẹ̀ka 200 kó tó padà wá bá mi. Ọjọ́ kẹfà ló mú un dé. J rẹ̀ nínú fisiọ́lọ́jì jẹ́ 38 nínú 50. Mo fi ọwọ́ hàn án lórí ìwé náà. Ó wò ó, ó tún un kà, ó sì ní, “Gbogbo èyí ni mo fò?”